Iṣẹ́ Mi Ni Mo Tún Lò, Olè Wo Ni Mo Jà?

Ìbéèrè yìí máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba, àgàgà àwọn tó ń ṣe máástàs, nígbà tí lẹ́tà bá wọlé láti yunifásítì pé wọ́n fẹ́ rí wọn nítorí asáínmẹ́ǹtì kan. Wọ́n á ka lẹ́tà náà lọ, wọ́n á kà á bọ̀, ẹ̀sùn pilééjárísíìmù ara ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní yé wọn. Wọn ò wo ìwé ẹnikẹ́ni kọ, wọn ò sì sanwó fún ẹni tó bá wọn kọ ọ́. Ohun tí àwọn fúnra wọn jókòó kọ ní sáà tó kọjá ni wọ́n mú apá kan nínú rẹ̀, tí wọ́n fi kún ti sáà yìí. Bí wọ́n bá sọ fún àwọn òbí nílé, àwọn yẹn á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó tún dé: ta ló ń ja ara rẹ̀ lólè?

Mi ò dá wọn lẹ́bi pé ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í ṣàlàyé rẹ̀ ju ìlà méjì lọ nínú ìwé òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ọ̀sẹ̀ tó ń wá ilé, tó ń wá iṣẹ́, tí òtútù sì ń mú un.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Pilééjárísíìmù ni kéèyàn mú ọ̀rọ̀, èrò tàbí àbájáde ìwádìí ẹlòmíràn, kó gbé e kalẹ̀ bíi pé tòun ni. Èyí ò ṣòroó yé. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni irú rẹ̀ kejì, tí wọ́n ń pè ní pilééjárísíìmù ara ẹni: akẹ́kọ̀ọ́ ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ti fún un ní máàkì lé e lórí, ó wá tún fi odidi iṣẹ́ náà tàbí apá kan rẹ̀ sílẹ̀ fún asáínmẹ́ǹtì mìíràn láìsọ fún olùkọ́.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ méjì nínú àlàyé yẹn. Èkíní ni pé wọ́n ti fún iṣẹ́ náà ní máàkì. Èkejì ni "láìsọ". Orí àwọn méjèèjì ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé, a ó sì máa padà sí wọn.

Ẹni tó bá ní èyí kì í ṣe olè ní ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìtumọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2000 fún pilééjárísíìmù nínú ìwádìí sọ ọ́ kedere pé èrò, ìlànà, àbájáde tàbí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ti ara ẹni ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì yàtọ̀. Ìlànà ìkọ̀wé APA, tí yunifásítì káàkiri ayé ń lò, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lò kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Torí náà, bí yunifásítì bá fi ẹ̀sùn yìí kan ọmọ yín, wọn ò sọ pé ó jalè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti gba máàkì lórí iṣẹ́ kan, ó tún gbé e wá gba òmíràn, ó sì jẹ́ kí olùkọ́ rò pé tuntun ni.

Orí kí ni wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé orí bí ìwé náà ṣe dára tó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, kirẹ́díìtì ni wọ́n fi ń ka dígírì. Máástàs sábà máa ń jẹ́ kirẹ́díìtì 180. Kirẹ́díìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 10: wákàtí tí ẹ fi jókòó sí kíláàsì, èyí tí ẹ fi kàwé, èyí tí ẹ fi kọ asáínmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá jẹ́ kirẹ́díìtì 15 wá túmọ̀ sí pé yunifásítì ń retí iṣẹ́ wákàtí 150 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa fún un lẹ́yìn ọ̀la ń jẹ́rìí fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ pé ó ṣe wákàtí wọ̀nyẹn pé, ó sì kọ́ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ẹ wo bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ fún alájọ ní ẹgbẹ̀rún náírà kan, ó sàmì sí káàdì yín. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní kó tún sàmì, ẹgbẹ̀rún kan àná náà lẹ fẹ́ kó kà. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ jí owó. Owó yín ni, òógùn yín lẹ fi rí i. Àmọ́ ó ti wà lórí káàdì. Bí alájọ bá gbàgbé, tó sì sàmì kejì, àmì á pọ̀ ju owó lọ, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó àjọ ni àṣírí á tú. Bí àròkọ tó ti gba máàkì ní kọ́ọ̀sì kan ṣe rí nìyẹn: kò kúrò ní tẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kà á.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí gbólóhùn kan, tàbí kó fi àmì sí àpótí kan lórí kọ̀ǹpútà, kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í kà á. Àwa tá a ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà náà mọ ojú ìwé yẹn, ó máa ń wà níwájú kí orí kìíní tó bẹ̀rẹ̀: a jẹ́rìí níbẹ̀ pé a ò tíì fi iṣẹ́ yìí gba dígírì níbikíbi. A tẹ̀ ẹ́, a fọwọ́ sí i, a ò rò ó wò. Bí ẹ bá fi ojú tuntun kà á, ẹ ó rí i pé àtúnlò gan-an ló ń sọ.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kó lè hàn kedere. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ń ṣe máástàs nínú ètò ìlera àwùjọ. Ní sáà kìíní, kọ́ọ̀sì kan lórí bí àrùn ṣe ń tàn ká ní kó kọ àròkọ ọ̀rọ̀ 2,500. Ó kọ ọ́ lórí nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀fọn ní Nàìjíríà. Ó ṣàlàyé pé òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri sábà máa ń jẹni, pé oògùn ara nẹ́ẹ̀tì máa ń pa á, pé oògùn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀fọn mọ́ láwọn ibì kan, àti pé ooru kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn lè sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó gba máàkì 62. Ó dáa.

Ní sáà kejì, kọ́ọ̀sì mìíràn lórí ìlànà ìjọba ní kí wọ́n mú ètò ìlera kan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ 3,000 yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló pinnu rẹ̀, owó ibo ni wọ́n ná, ta ló jàǹfààní, ta ló kù sẹ́yìn. Ó mú pípín nẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, kò sí òfin tó ní kéèyàn má kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé àwọn arúgbó, ọjọ́ ìfisílẹ̀ sì ti kù sí ọ̀la. Ló bá ṣí fáìlì àtijọ́, ó da ọ̀rọ̀ 900 kọ síbi ìbẹ̀rẹ̀ èyí tuntun, ó ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀, ó parí ìyókù, ó fi ránṣẹ́.

Àròkọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ báyìí ní ojú tí olùkọ́ fi ń dá a mọ̀, kí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tó sọ ohunkóhun. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ àkọ́kọ́ kò dáhùn ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ló ń sọ nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìjọba. Gbólóhùn kan á wà tó gbàgbé láti yọ kúrò, irú èyí tó ní "nínú àròkọ yìí, a ó wo bí àrùn yìí ṣe ń tàn", tí a ò sì padà wo nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Bí kọ́ọ̀sì ti tẹ́lẹ̀ bá ní kí wọ́n máa fi orúkọ àti ọdún tọ́ka sí ìwé, tí ti ìsinsìnyí sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tọ́ka, àwọn méjèèjì á wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èmi ka àmì yìí sí ju ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lọ, nítorí òun ló fi ohun tó sọnù hàn wá: ọmọ yìí kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ètò ìjọba wò fún ìdá mẹ́ta iṣẹ́ náà.

Báwo ni Turnitin ṣe ń mọ̀?

Turnitin ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Ìlú Ọba ń lò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wéra pẹ̀lú ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé àtẹ̀jáde, àti pẹ̀lú iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi sílẹ̀ rí. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Àyàfi tí yunifásítì bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ lónìí á wọ inú àká rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ de èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kódà bí ẹ bá ti yí yunifásítì padà.

Ó máa ń mú iye kan jáde nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú àwọ̀: àwọ̀ ewé títí dé 24, yẹ́lò láti 25, àwọ̀ ọsàn láti 50, pupa láti 75 lọ sókè. Ti ọmọ wa yìí jáde ní 36. Olùkọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ wẹ́wẹ́wẹ́: orúkọ ìwé, orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba, gbólóhùn tí gbogbo ayé ń lò. Kò kan ẹnikẹ́ni. Ọgbọ̀n tó kù wà lójú kan, ó tò tẹ̀lé ara rẹ̀ láti ìpínrọ̀ kejì dé ìkeje, orísun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì tọ́ka sí: `Submitted to`, tí orúkọ yunifásítì tirẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ 900 nínú 3,000 náà ni ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ kíyè sí i pé Turnitin kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Ìjọra nìkan ló ń fi hàn, èèyàn ló ń dájọ́. Kò sí iye kan tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ kan lè ní 36 kó mọ́, bí ó bá kún fún ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n fà yọ tí wọ́n sì tọ́ka sí dáadáa. Òmíràn lè ní 8 kó jẹ́ pé odidi ìpínrọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn ni.

Àṣìṣe kan tún wà tó ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láìnídìí. Bí olùkọ́ bá ṣí àyè ọ̀tọ̀ fún àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, tí àkọsílẹ̀ yẹn sì wọ inú àká, iṣẹ́ gidi tó bá tẹ̀lé e lè pọ́n wẹ̀ẹ̀, kó sún mọ́ 100. Òun àti ara rẹ̀ ló jọra. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn, torí wọn ò tíì fún àkọsílẹ̀ náà ní máàkì, olùkọ́ gan-an ló sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ kàn kọ ìlà kan sí i kó lè yọ orísun yẹn kúrò.

Tí mo bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ńkọ́?

Ẹ̀rọ lè má rí i mọ́. Ẹ̀sùn náà ò kúrò. Bí àlàyé, ètò àti ìwé tí ẹ kà bá ṣì jẹ́ ti àtijọ́, iṣẹ́ wákàtí kan náà ni, ẹ kàn wọ aṣọ mìíràn fún un. Fífi ọgbọ́n pa á mọ́ sì tún lè mú kí ìgbìmọ̀ má gbà pé ẹ ò mọ̀.

Kí ni kí n ṣe bí mo bá nílò iṣẹ́ mi àtijọ́ lóòótọ́?

Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Ímeèlì kúkúrú sí olùkọ́ kọ́ọ̀sì náà ti tó: ẹ sọ pé ẹ ti kọ̀wé lórí nẹ́ẹ̀tì fún kọ́ọ̀sì báyìí-báyìí ní sáà kìíní, pé apá tó ṣàlàyé bí nẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ wúlò fún èyí, ẹ wá bèèrè bóyá ẹ lè lò ó àti ìwọ̀n tí ẹ lè lò. Ẹ dá ìdáhùn náà sí. Àwọn mìíràn á gbà, àwọn mìíràn á ní kí ẹ mú orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí tó wù kí wọ́n sọ, ẹ ti bọ́ nínú "láìsọ".

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́ka sí ara yín bí ẹ ó ṣe tọ́ka sí ẹlòmíràn: orúkọ yín, ọdún, àkọlé, pé iṣẹ́ kíláàsì tí wọn ò tíì tẹ̀ jáde ni, àti orúkọ yunifásítì. Bí ẹ bá mú gbólóhùn jáde bó ṣe wà, ẹ fi àmì àyọlò sí i.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún yín: ìtọ́ka yẹn gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀sùn, kò fún yín ní máàkì. Ohun tí ẹ fà yọ kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fà yọ nínú ìwé ẹlòmíràn. Wọn ò lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ wa bá tọ́ka sí gbogbo 900 ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, kò ní fojú kan ìgbìmọ̀, àmọ́ àròkọ rẹ̀ á dà bí ọ̀rọ̀ 2,100 níwájú olùkọ́, ó sì lè fìdí rẹmi. Ohun tí ì bá ṣe ni kó kó àlàyé ẹ̀fọn àti nẹ́ẹ̀tì yẹn jọ sínú ọ̀rọ̀ bí 120, kó kọ ọ́ pé àlàyé kíkún wà nínú iṣẹ́ òun ti sáà kìíní, kó wá fi 780 tó kù bèèrè ohun tí kọ́ọ̀sì yìí ń bèèrè: kí ló dé tó fi jẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni ìjọba náwó lé lórí, ta ló ń kà á bó ṣe ń dé abúlé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìdílé tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n pín in. Ìmọ̀ sáà kìíní ṣì wúlò níbẹ̀. Òun ló jẹ́ kó lè bèèrè ìbéèrè tí ẹni tí kò mọ ẹ̀fọn ò lè bèèrè.

Ìgbà wo ni kò sí wàhálà?

Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ ètò ìwádìí, kí ẹ tó ṣe ìwádìí gidi, ọ̀pọ̀ yunifásítì gbà kí ọ̀rọ̀ inú ètò náà wọ inú iṣẹ́ ìparí, torí iṣẹ́ kan náà ló ń dàgbà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pírójẹ́ẹ̀tì yín di àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà, ìyẹn náà wọ́pọ̀, bí ẹ bá ti sọ ibi tó ti wá fún olóòtú.

Ibi tó ń ṣini lọ́nà jù ni ti ẹni tó fìdí rẹmi. Bí wọ́n bá ní kó tún asáínmẹ́ǹtì kan náà ṣe, àtúnṣe ni wọ́n ń bèèrè, ó lè lo ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó tún odidi kọ́ọ̀sì kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ò gbà kó gbé iṣẹ́ àtijọ́ padà wá. Yunifásítì kan yàtọ̀ sí èkejì lórí èyí, torí náà ẹ bèèrè, ẹ má méfò.

Ti ẹni tó fẹ́ fi pírójẹ́ẹ̀tì dígírì àkọ́kọ́ tó ṣe ní Nàìjíríà gba máástàs ní Ìlú Ọba ò ní àríyànjiyàn rárá. Òfin wọn máa ń sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tún fi iṣẹ́ tí ẹ ti fi gba dígírì níbikíbi sílẹ̀. Ẹ lè kọ́lé lé ìwádìí yẹn lórí, ẹ lè lo ìbéèrè tó kù níbẹ̀ tí ẹ ò dáhùn, kódà ẹ lè tún àwọn èsì tí ẹ gbà nígbà yẹn yẹ̀ wò lọ́nà tuntun bí olùkọ́ yín bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà ti dé. Kí ló kàn?

Ẹ má sá, ẹ má sì sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kó iṣẹ́ méjèèjì, ìbéèrè asáínmẹ́ǹtì méjèèjì, àti ímeèlì èyíkéyìí tí ẹ kọ sí olùkọ́ jọ. Ẹ lọ bá àwọn olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà. Wọn kì í gbowó, wọ́n sì máa ń bá èèyàn dé iwájú ìgbìmọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pé ẹ ò mọ̀ kò ní pa ẹ̀sùn náà rẹ́, àmọ́ ó lè dín ìyà kù, pàápàá bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ tí ẹ tún lò ò sì pọ̀. Ìyà náà lè jẹ́ ìkìlọ̀ lásán, ó lè jẹ́ pé ẹ ó tún iṣẹ́ náà ṣe láìlè gbà ju máàkì àṣeyege lọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 50 fún máástàs, ó sì lè jẹ́ òdo fún kọ́ọ̀sì náà.

Bí ẹ bá rò pé wọn ò gbọ́ tẹnu yín dáadáa, ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nínú yunifásítì. Bí ìyẹn bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní lẹ́tà tó sọ pé gbogbo ètò inú ilé ti tán. Ní Ẹ́ńgílándì àti Wélìsì, lẹ́tà yẹn lẹ ó mú lọ sọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní OIA. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í san nǹkan kan níbẹ̀, oṣù 12 láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà lẹ sì ní.